"Owó wo?": Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àkópọ̀ ìwé ẹ̀yáwó oko adìẹ kékeré

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo wà. Adìẹ ẹlẹ́yin 400 ni mo ní, wọ́n máa pé ọ̀sẹ̀ 60 lóṣù kẹjọ. Mo fẹ́ ra òròmọdìẹ 310 lóṣù yẹn kan náà, kí wọ́n wá rọ́pò wọn. Mo kọ ìwé ẹ̀yáwó ₦3,000,000, mo sì fi àkópọ̀ ojú ewé méjì síwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀yáwó fi bíírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti ní a ó máa san án lóṣooṣù fún oṣù 12. Ó kọ "owó wo?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kun, àbúrò mi. Mo ti ka àkópọ̀ tí o fi ránṣẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́ta lo fi sọ bí ẹyin ṣe ń ṣara lóore àti bí ìyá rẹ ṣe ń sin adìẹ ìbílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà, ìlà méjì péré ni. Ẹni tó fẹ́ yáni lówó kì í bá wa jiyàn pé ẹyin dára, òun náà ń jẹ ẹ́ láràárọ̀. Ohun tó ń wá ni ọjọ́ tí owó máa jáde lọ́wọ́ òun, ọjọ́ tó máa padà wọlé, àti ẹnu ibi tó máa gbà wọlé. Ọmọkùnrin yẹn ò ṣe ọ́ ní ibi kankan. Ọ̀pọ̀ a máa ju ìwé náà sí dúrọ́ọ̀ ni, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Jẹ́ ká fi ìṣirò ìwọ fúnra rẹ wò ó. Adìẹ 400 tó ń yé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹyin 300 nìyẹn lójúmọ́, kíréètì mẹ́wàá. Lóṣù kan ó di kíréètì 300. Pẹ̀lú ₦4,800 tí o ń tà á, ₦1,440,000 ló ń wọlé. Adìẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 115 lójúmọ́, nítorí náà àpò oúnjẹ ẹlẹ́kílò 25 tí wọ́n ń jẹ lóṣù kò ní jìnnà sí 56. Ní ₦18,000 àpò kan, ó di ₦1,008,000. Owó ọmọ iṣẹ́, oògùn àti ọkọ̀ tí o kọ jẹ́ ₦140,000. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ lóṣù ni ₦292,000, o ò sì tíì mú owó ọbẹ̀ níbẹ̀.

Wá wo ohun tí o ṣèlérí. ₦3,000,000 sí oṣù 12 jẹ́ ₦250,000 lóṣù. Èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù rẹ tún jẹ́ ₦90,000 lóṣù àkọ́kọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦340,000. Láti oṣù àkọ́kọ́ yẹn ni o ti jẹ gbèsè ₦48,000. Ó sì tún kù: adìẹ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 60 ń rẹ̀ sílẹ̀ ni. Bó bá fi máa di oṣù kejìlá, ìdá 65 ni kí o fọkàn sí, èyí sì máa sọ ₦292,000 yẹn di ₦100,000. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn òròmọdìẹ ń jẹun, wọn ò sì yé ẹyọ ẹyin kan. Èyí tí o bá kó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í yé títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, nígbà tí Kérésìmesì bá ku ọjọ́ díẹ̀. "Owó wo?" tó kọ, oṣù márùn-ún yẹn ló ń bi ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n dín owó náà kù ni? Àgò irin àti kànga ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ₦1,200,000.

Ìdáhùn: Yọ méjèèjì. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni àgò máa fi ṣiṣẹ́, oṣù 12 sì ni o fẹ́ fi san owó rẹ̀. Owó tí à ń yí ni ti oúnjẹ, òròmọdìẹ àti oògùn: ó wọlé, ó jáde, ó tún padà wá di owó. Bí o bá da ti kànga pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ń kà á á rò pé o ò mọ̀yàtọ̀ wọn. Kọ ti àgò sí ìwé ọ̀tọ̀ nígbà tó bá yá.

Èyí tó kù ni ₦1,800,000. O ò sọ bí o ṣe rí i, èmi ló wá ibi tó ti wá. Òròmọdìẹ 310 ní ₦1,200 jẹ́ ₦372,000. Láti ọjọ́ kìíní dé ọ̀sẹ̀ 20, adìẹ kan máa jẹ nǹkan bíi kílò mẹ́jọ. Tí 300 bá là á já, kílò 2,400 nìyẹn, àpò 96, ₦1,728,000. Àjẹsára Lasótà àti Gọmbóró, oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, èédú àti lẹ́búlẹ́bú pákó jẹ́ ₦150,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦2,250,000. O ní ₦450,000 nílẹ̀, àmọ́ o ò kọ ọ́ síbẹ̀! Ìdá kan nínú márùn-ún ni ìwọ fúnra rẹ gbé kalẹ̀, o sì fi pamọ́ fún ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Má gbà á lẹ́ẹ̀kan náà o. Òròmọdìẹ kì í jẹ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, nǹkan bí àpò 14 péré ni 300 máa jẹ. Bí o bá gba gbogbo owó lóṣù kẹjọ, èlé á máa gun orí owó tó ń sùn, ìwọ náà á sì rí i pé ó ń bọ́ lọ síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Béèrè ₦400,000 lóṣù kẹjọ, kí o gba ₦1,400,000 ní ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ìbéèrè: Ó ti yé mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni owó tí màá fi san án ti máa wá gan-an?

Ìdáhùn: Lára àwọn adìẹ àgbà. Ìwọ ló gbàgbé wọn. Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì wọ́n á ti pé ọ̀sẹ̀ 80, ó sì ti tó àkókò kí wọ́n kúrò nílé. Tí 370 bá kù, tí o sì tà wọ́n ní ₦3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,295,000 nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an làwọn ará wa láti Èkó àti Àbújá ń wọlé, adìẹ kì í sì í pẹ́ lójú ọjà.

Nítorí náà, láti oṣù kẹjọ dé oṣù kọkànlá, èlé nìkan ni kí o bẹ̀bẹ̀ pé o máa san: ₦12,000 nígbà tí o bá ṣì ní ₦400,000 lọ́wọ́, ₦54,000 lẹ́yìn tí èkejì bá dé. Lóṣù kejìlá, yọ ₦900,000 nínú owó adìẹ àgbà, kí o fi san lára gbèsè. Má san jù bẹ́ẹ̀ lọ, àní bí ọwọ́ bá ń yún ọ. ₦395,000 tó kù lo máa fi gbé àwọn tuntun kọjá oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú, tí ẹyin wọn ṣì kéré, tí àwọn oníbàárà Kàbà sì ń ná an wálẹ̀.

Láti oṣù kejì, bí 290 bá ń yé ìdá 85, ó tó kíréètì 246 lóṣù. Lẹ́yìn àpò 40 àti ₦140,000 yẹn, ó ku nǹkan bíi ₦320,000. San ₦225,000 lóṣooṣù pẹ̀lú èlé, gbèsè parí lóṣù karùn-ún.

Síbẹ̀ oṣù 12 ni kí o béèrè, má béèrè oṣù 10. Mo dán an wò pẹ̀lú ₦4,200 fún kíréètì kan: ohun tó kù lóṣù di ₦173,000, gbèsè náà sì parí lóṣù keje, èyí tó kẹ́yìn gan-an nínú oṣù 12 ìwé rẹ. Ìyẹn nìkan tó láti kọ sábẹ́ ewu. Àwọn kan máa ń kọ "kò séwu kankan, Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa." Àmín, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí ibi tí àrùn Niúkásù ti pa ilé adìẹ kan tán á bínú sí i.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí. O lè yí i sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, nítorí fọ́ọ̀mù wọn:

> Oko adìẹ ẹlẹ́yin ni wá ní Ìsánlú, adìẹ 400 ló ń yé. A ń béèrè ₦1,800,000 fún oṣù 12, ₦400,000 lóṣù kẹjọ àti ₦1,400,000 ní ìparí oṣù kẹsàn-án, láti tọ́ òròmọdìẹ 310 dé ọ̀sẹ̀ 20. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ ₦2,250,000. A ti ní ₦450,000 nílẹ̀. Ilé tí wọ́n máa wà ti wà nílẹ̀, ó dá dúró lọ́tọ̀. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, èlé nìkan la máa san, látinú ẹyin adìẹ àgbà. Lóṣù kejìlá a ó ta adìẹ àgbà 370, a ó sì san ₦900,000. Èyí tó kù, ₦225,000 lóṣooṣù láti oṣù kejì, látinú ẹyin tuntun. Bí kíréètì bá já wálẹ̀ láti ₦4,800 sí ₦4,200, a ṣì máa parí rẹ̀ láàárín oṣù 12.

Kò kún ojú ewé kan. Ti ìyá rẹ lè wọ inú ìwé tó tẹ̀ lé e, ìtàn náà dùn.

Ìbéèrè: Ó ní kí n mú àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta wá. Ìwé tí ọmọ iṣẹ́ ń fi bíírò kọ nílé adìẹ ni mo ní, ìgbẹ́ adìẹ ti ta sí i. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà?

Ìdáhùn: Mú èyí tó ta ìgbẹ́ adìẹ lọ. Bó ti rí yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ojúlówó ni. Àmọ́ mo rí nǹkan kan nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́: iye ẹyin tó ṣà lọ́mọ iṣẹ́ kọ, kì í ṣe iye tí o tà. Lọ́jọ́ kejìlá, ó kọ 306. Owó tó wọ àkáǹtì rẹ lọ́jọ́ kejì jẹ́ ti kíréètì mẹ́sàn-án. Ẹyin díẹ̀ ti fọ́ lójú títì Ọbajànà, o sì fún ẹni kan láwìn. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìwọ ò bá ṣàlàyé rẹ̀, ọmọkùnrin yẹn á tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Fa ìlà méjì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ iṣẹ́, ọ̀kan fún èyí tó fọ́, ọ̀kan fún àwìn, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lónìí kó tó di oṣù kẹjọ.