Orúkọ òwò àti àkọmọ̀nà: ohun tí ẹ máa kó wá kí a tó bẹ̀rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ tó dùn fún òwò mi, èyí tó ń fa èèyàn mọ́ra."

Kí lẹ ń tà? Ẹ dáhùn ìyẹn ná.

"Mo ti sọ pé oúnjẹ ni. Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Kò tó. Ẹni tó ń ta àmàlà ní búkà l'Ọ́jà-Ọba, oúnjẹ ló ń tà. Ẹni tó ń di kúlíkúlí sínú ọ̀rá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ ló ń tà. Ẹni tó ń se ìrẹsì fún ìnáwó náà ńkọ́? Orúkọ kan ò lè bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ẹ kọ gbólóhùn kan péré tó sọ ohun tí ẹ ń tà, ohun tí ẹ ń dì í sí, iye tí ẹ ń tà á, àti ibi tí ẹni tó rà á ń gbé e lọ. Bí àpẹẹrẹ: "Kúlíkúlí aláta, inú ọ̀rá, igba náírà, yàrá ni wọ́n ti ń fi mu gàrí." Ẹni tó bá ka èyí ti mọ̀ pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ kúrú, torí ojú ọ̀rá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí.

"Ẹ kàn fi Òròkí tàbí Ọ̀ṣun kún un, ọmọ Òṣogbo ṣáà ni wá."

Ẹ máa wo pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà, ẹ ó rí i pé ẹlòmíràn ti rò ó ṣáájú yín. Orúkọ ìlú wúlò bí ìlú bá wà nínú ìdí tí wọ́n fi ń ra ọjà yín. Bí ẹ bá ń ta ohun ìrántí fún àlejò tó wá wo igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, Ọ̀ṣun bá a mu. Bí fóònù lẹ ń tún ṣe, ẹ fi Ọ̀ṣun sílẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ni oníbàárà mi. Ohun tí mo dúró lé ni ojúlówó ọjà, owó pọ́ọ́kú."

Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń há. Kì í ṣe pé ẹni tó sọ ọ́ ń purọ́. Bí a bá bi oníṣòwò pé "ta ni oníbàárà yín, kí lẹ dúró lé?", ẹnu ìpolówó ni yóò fi dáhùn, torí ó rò pé ìpolówó là ń bá a ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì lè sọ ọ́, ẹni tó ń dirun náà lè sọ ọ́. Ẹ má bi í ní èrò rẹ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ bi í.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláàdìrẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìdáhùn tó wà lókè yẹn gẹ́lẹ́ ló mú wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni àwọn mẹ́wàá tó rajà lọ́wọ́ yín kẹ́yìn? Ẹ má jẹ́ kó fi orí rò ó, torí ẹni tó bá a jà àti ẹni tó sanwó gidi nìkan ni yóò rántí. Kó ṣí ìwé gbèsè tàbí Wásáàpù rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, méje nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ẹnì kan tó ń gba aṣọ fún èèyàn púpọ̀: aṣọ ẹbí, yáàdì 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti yàtọ̀ sí "gbogbo èèyàn". Oníbàárà ìyá yìí ni ẹni tí wọ́n ní kó gbowó aṣọ jọ, tí gbogbo ẹbí yóò sì dá lẹ́bi bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ìbéèrè kejì: ẹjọ́ wo ni wọ́n máa ń rò nípa ẹni tí wọ́n ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ní ẹjọ́ àwọ̀ ni. Ó máa ń ku àwọn kan tí wọn kì í sanwó títí ìnáwó fi ń ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ aṣọ tiwọn á sì ṣí ju ti àwọn yòókù lọ. Òótọ́ ni, torí bí aṣọ bá ṣe ń wọ inú aró ni agbára aró ń dín kù, èyí tí wọ́n sì pò tuntun kì í fi gbogbo ara jọ ti àkọ́kọ́.

Ìbéèrè kẹta ni pé: iṣẹ́ wo lẹ ti kọ̀ rí, bó tilẹ̀ lówó lórí? Ó ní òun ò kọ iṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa ìwé dé. Ẹ yí ìbéèrè náà padà: kí lẹ máa ń ṣe tí àwọn aláró ẹgbẹ́ yín fi ń sọ pé ẹ ń fowó ṣòfò? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá gba 50, 55 lòun ń rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, òun á fi 5 pamọ́ de àwọn tó ń pẹ́ dé, ẹnikẹ́ni ì báà má tíì sanwó rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ó máa ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ohun tó dúró lé nìyẹn, torí ó ń ná an lówó. "Ojúlówó" ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àtibẹ̀ lọ, iṣẹ́ yá. Orúkọ tó kọ́kọ́ wá ni "Àwọ̀kan", ṣùgbọ́n akunpátákó kì í fi àmì ohùn sí i. AWOKAN á wà lójú títì, ẹlòmíràn á sì kà á sí àwo kan, bí ẹni pé abọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. A jù ú nù, a mú "Dọ́gba", tí kò ṣòro kà láìsí àmì. Àkọmọ̀nà rẹ̀ ni: *Ẹni tó pẹ́ dé, aṣọ kan náà ni.* Ẹ fi orúkọ aláàdìrẹ mìíràn sí iwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Bó bá bá a mu wẹ́kú, ohun tí ẹ kó jọ kò tíì tó, ẹ padà sí ìbéèrè kẹta. Ẹ má kọ iye aṣọ tí ó ń fi pamọ́ sínú àkọmọ̀nà o. Lọ́jọ́ tí ẹnì kẹfà bá dé, ìjà dé. Bí ìyá náà bá sì jáwọ́ nínú fífi aṣọ pamọ́, kó yí àkọmọ̀nà padà lọ́jọ́ náà.

"Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbo ni n ó ti rí oníbàárà mẹ́wàá?"

Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irú rẹ̀ báyìí. Ẹ bi àwọn tó ń ra tirẹ̀ pé kí ló sú wọn níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n á rà lọ́wọ́ yín. Gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti ohun tí ẹ dúró lé, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹ ó fi tajà fún oṣù bíi mélòó kan. Orúkọ lè ṣáájú, àkọmọ̀nà lè dúró.

"A ti mú orúkọ, àmọ́ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ò gbà á. Ẹ tún un ṣe."

Bóyá ó ti jọ èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn jù, tàbí ẹ fi ọ̀rọ̀ bíi Federal, National tàbí Government sí i, èyí tí wọn kì í gbà láìsí àṣẹ. Ẹ fi ohun tí ẹ ń tà gan-an kún un, "Dọ́gba Àdìrẹ" dípò "Dọ́gba" lásán, kí ẹ sì mú orúkọ kejì dání. Bí wọ́n bá gbà á, 60 ọjọ́ ni wọ́n máa fi bá yín dì í mú. Ẹ parí ìforúkọsílẹ̀ kó tó pé. Ìwé CAC ò ní kí ẹlòmíràn má lo àkọmọ̀nà yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ l'Ábùjá nìyẹn wà, ọdún 7 sì ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ máa ń lò. Fún ìyẹn, ẹ wá agbẹjọ́rò. Ẹ má fi lé ọmọ ilé káfé lọ́wọ́.