Ẹ Gba Àsansílẹ̀ Kí Ẹ Tó Lọ Kó Àdìrẹ

Ká ní Ìbàdàn lẹ̀ ń gbé, ẹ ti tọ́jú ₦400,000, ẹ sì fẹ́ lọ kó ogójì búbù àdìrẹ ní ọjà Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ má tíì kó o. Mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ọnà ara wọn má sì bára mu: ẹlẹ́kọ kan, oníko kan, méjì tó bá tún wù yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá aláàdìrẹ bóyá wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ yan òmíràn. Tí ẹ bá délé, ẹ fọ ọ̀kan nínú wọn. Bí aró bá ń jáde ṣùrùṣùrù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mọ̀, kó tó di ẹjọ́ oníbàárà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá iye lé e. Bí búbù kan bá jẹ́ ₦9,000, tí owó ọkọ̀ àti ọ̀rá ń lọ bíi ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pè é ní ₦14,000 tí ẹ fẹ́ máa tà á gan-an. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á ta ti àkọ́kọ́ ní ₦10,000 kó lè tètè lọ, wọn ò sì ní mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á san ₦14,000.

Ẹ ya àwòrán wọn, ẹ kọ iye sí i, ẹ gbé e sórí WhatsApp. Ẹ tún gbé aṣọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ yín rí, bí ibi iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Wọ́n á ní, "Ó mà dáa o, ẹ bá mi tọ́jú ọ̀kan." Ẹ dá wọn lóhùn pé: "Ẹ ṣé, mà. Ẹ san ₦7,000 sílẹ̀. Oṣù kan ni. Bí aṣọ ò bá dé, màá dá owó yín padà." Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó fẹ́ rà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sanwó àti ọnà tó yàn. Ẹ má ka àwìn, ẹ má sì ka ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó àbúrò yín. Nítorí tiyín ni wọ́n ṣe rà á. Kí owó náà wà lọ́tọ̀, ẹ má ná an.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí òpin oṣù bọ́ sí àárín ti tó fún ìdánwò yìí. Ẹ má ṣe é nígbà Iléyá tàbí Kérésì, torí ọjà ọdún kì í ṣe òṣùwọ̀n oṣù mìíràn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni mẹ́wàá tí kò mọ̀ yín rí ló gbọ́dọ̀ san àsansílẹ̀ kí ẹ tó lọ kó ọjà. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ló san, ẹ dá owó wọn padà, kí ẹ yí ọnà tàbí iye. Bó bá jẹ́ méjìlá, tí mẹ́jọ nínú wọn mú ẹlẹ́kọ, ohun tí wọ́n mú gan-an ni kí ẹ lọ kó, kì í ṣe ogójì. ₦120,000 ni méjìlá máa ná yín; ₦36,000 ni ẹ ó fi kún ₦84,000 àsansílẹ̀ wọn.