Igba Náírà Tó Lé Oorun Lójú Mi

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo san ₦52,300 fún Bàbá Kẹ́hìndé fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, owó ìyẹ̀fun ni mo mú láti fi kún un, inú sì bí mi títí mo fi délé. Òun ló ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wákàtí ni mo fi ń sanwó rẹ̀, ₦800 fún wákàtí kan. Ófátáìmù ni mo dá lẹ́bi, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fagi lé iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú pátápátá.

Àdéhùn wa kò lọ́jú pọ̀. Wákàtí 40 ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀, èyí tí í ṣe ₦1,200 fún wákàtí kan. Ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ìlọ́po méjì, ₦1,600, nítorí Sátidé ni a ń sinmi. Abala 13 nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé wákàtí tó bá lé lórí iye tí a jọ fohùn ṣọ̀kan sí ni ófátáìmù, ṣùgbọ́n kò sọ iye ìlọ́po rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ tiwa sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí nìkan ni mo ṣe dáadáa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wákàtí 44 àti ìṣẹ́jú 15 ló ṣe láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí mo ti yọ àsìkò ìsinmi kúrò, ó sì ṣe wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sọ ọ́ di ₦800 lọ́nà 49.15, lẹ́yìn náà mo tún fi owó ófátáìmù àti ti ọjọ́ Àìkú kún un. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń ṣe ìṣírò owó ní ilé iṣẹ́ kan wo ìwé náà fẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti san owó wákàtí kan náà lẹ́ẹ̀mejì.” Òótọ́ ni. ₦1,200 náà ti ní ₦800 nínú, ₦1,600 sì ti ní i nínú pẹ̀lú. Bí mo bá ti ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ ti àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì àbọ̀ àti ìlọ́po mẹ́ta ni mo ń san.

Mo rò pé ó ti tán. Wákàtí tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ mẹ́sàn-án àti ìdá mẹ́rin wákàtí, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦7,400. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ, wákàtí 40 jẹ́ ₦32,000, ti ìlọ́po kan àbọ̀ jẹ́ ₦5,100, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ₦8,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦45,100. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦52,300, ₦7,200 ni ó ṣẹ́ kù. Igba náírà ti sọnù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pààrọ̀ ẹ̀rọ ìṣírò, mo fura sí bátìrì rẹ̀, aago kan òru sì ti lù kí n tó rí i.

4.15 tí mo tẹ̀ ni. Lójú ẹ̀rọ ìṣírò, 4.15 kì í ṣe wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 15. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, nítorí ọgọ́rùn-ún ni ó fi ń pín wákàtí, 60 sì ni aago fi ń pín in. Ìṣẹ́jú 15 tí a pín sí 60 jẹ́ 0.25. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tí mo ń jẹ mọ́ bàbá náà lára jẹ́ ₦80 nínú owó gbogbogbòò àti ₦120 nínú ófátáìmù, àṣìṣe kejì yìí sì ti bo díẹ̀ nínú àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí i fúnra mi, ojú sì tì mí, nítorí àwọn ọmọ méjì tó ń gbé búrẹ́dì sínú àárò kò gba àlékún kankan, ìṣẹ́jú wọn nìkan ni mo ń jẹ.

Báyìí, mo máa ń ṣe é lọ́nà méjì kí n tó fọwọ́ kan owó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tó fún mi ní ₦45,100 lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀nà kejì, mo ń ṣírò ₦800 fún gbogbo wákàtí 49.25, ìyẹn ₦39,400, mo sì ń fi ₦400 péré kún wákàtí 4.25, ₦1,700, àti ₦800 kún wákàtí márùn-ún ọjọ́ Àìkú, ₦4,000. ₦45,100 náà ni. Bí méjèèjì kò bá bára wọn mu, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ti sá síbì kan.

Mo san ti àwọn ọmọ méjèèjì padà. Ti Bàbá Kẹ́hìndé, mo fi ìwé náà hàn án, mo sì ní kí ó má dá nǹkan kan padà, ẹ̀bi mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, mo rí i pé ó pọ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe mí lóore ni.”