Àbàwọ́n Ara Ògiri Ni Mo Kọ́kọ́ Tọ́jú Kí N Tó Ta Ilé

Bí ayálégbé mi ṣe kó jáde, ó ń ṣe mí bíi kí n kun gbogbo ilé, kí n sì pààrọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Mo ní sùúrù ná. Àbàwọ́n kan wà lára ògiri yàrá tó fara ti balùwẹ̀, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti wú. Mo lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, mo fi téèpù dí etí rẹ̀ yíká fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìn ọ̀rá, níbi tó ti kan ògiri, ni omi wà. Inú ògiri ni ọ̀rinrin ti ń wá nìyẹn. Ká ní mo kàn kùn ún ni, yóò tún wú, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì rò pé mo fẹ́ tan òun jẹ.

Púlọ́ńbà bá oríkèé páìpù kan tó ń jò, ó tún un ṣe. Mo ha pílásítà tó ti rọ̀ kúrò, wọ́n tún un rẹ́, mo tún lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, mo sì dúró títí ọ̀rá náà fi gbẹ tẹ́yìn-tojú kí n tó kun ògiri náà.

Yàrá yẹn àti pálọ̀ nìkan ni mo kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù? Mo fọ̀ ọ́, mo sì de ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ tó dẹ̀; ẹni tó bá ra ilé lè fẹ́ irú tirẹ̀. Rísíìtì púlọ́ńbà ṣì wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tó bá béèrè.