PS4 tó há sójú àmì: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú Safe Mode

PS4 tó bá tàn, tó gbé àmì rẹ̀ jáde, tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, tàbí tó ń kú tó tún ń tan ara rẹ̀, kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọsílẹ̀ tó fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí háàdì dísìkì ló dàrú, torí pé iná lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́. Irú wàhálà yìí ni Safe Mode, ìyẹn ojú ìwé àtúnṣe tó wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, wà fún. Ohun tó ń dunni ni pé àwọn ènìyàn ń wọ inú rẹ̀, wọ́n á tẹ nọ́ńbà tó kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn nu ohun tí sùúrù díẹ̀ ì bá gbà là.

Àṣìṣe kìíní: ẹ kò pa ẹ̀rọ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iná ọsàn kò túmọ̀ sí pé ó ti kú, oorun ló ń sùn. Ẹ di bọ́tìnì tí a fi ń tan án mú títí iná iwájú rẹ̀ yóò fi kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì yọwọ́. Yóò dún pííì bí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, yóò sì tún dún lẹ́ẹ̀kejì ní bí ìṣẹ́jú-àáyá méje. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ìkejì yìí ni kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá yọwọ́ ní ìró àkọ́kọ́ kàn tan ẹ̀rọ bí ó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀ ni, á wá máa sọ pé Safe Mode tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ìkejì: wáyà páàdì. Nínú Safe Mode, páàdì kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ẹ gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì PS àárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà olówó pọ́ọ́kú ló ń gbé iná nìkan, kò lè gbé dátà. Páàdì á máa gba iná, ṣùgbọ́n ojú ìwé kò ní mira. Ẹ fi wáyà náà so fóònù tó bá ojú rẹ̀ mu mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fáìlì inú fóònù yẹn, tí fóònù kan náà sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú wáyà tó dára, wáyà yín ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ má ra páàdì tuntun nítorí èyí.

Ìkẹta ni èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jùlọ: fífò lọ sí nọ́ńbà 6 tàbí 7. Àwọn orúkọ tí ẹ ó rí lójú ẹ̀rọ nìyí:

```
1. Restart PS4
2. Change Resolution
3. Update System Software
4. Restore Default Settings
5. Rebuild Database
6. Initialize PS4
7. Initialize PS4 (Reinstall System Software)
```

Ìkẹfà àti ìkeje ń nu gbogbo ohun tí ẹ fi sórí dísìkì. Géèmù fúnra rẹ̀ kò ṣòro, ẹ lè tún un fi sí i láti ara àwo tàbí kí ẹ tún gbà á láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ bá géèmù dé ni kì í padà mọ́, àfi tí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ sórí fíláàṣì tàbí sí ibi ìpamọ́ PlayStation Plus ṣáájú. Safe Mode kò sì ní àyè tí a ti lè kó o jáde. Ẹni tó bá tẹ 7 láàárọ̀ ti sọ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta nù kó tó di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tí iná lọ nígbà tó ń gba géèmù. Iná padà dé, àmì jáde, ojú dúdú, ó kú, ó tún tàn. Ẹ wọ Safe Mode, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ 1, torí pé kì í na yín ní nǹkankan. Bó bá tún há, ẹ padà wọlé kí ẹ tẹ 5. Ohun tí 5 ń ṣe ni pé ó ń yẹ dísìkì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń kọ àkọsílẹ̀ tuntun nípa ohun tó bá rí níbẹ̀. Kì í pa géèmù tàbí ibi tí ẹ bá a dé rẹ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gba wákàtí mélòó kan bí dísìkì bá kún. Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti ń pa ẹ̀rọ torí wọ́n rò pé ó ti há. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ní iná tó dájú, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà tó lè gbé e parí, nítorí bí iná bá tún lọ láàárín rẹ̀, ẹ ti dá kún ohun tó ń ṣe é.

Bí 5 kò bá yanjú ẹ̀, nọ́ńbà 3 ló kàn, òun náà kì í nu nǹkan yín. Fáìlì ètò tuntun tí ẹ máa gbà sórí fíláàṣì ni wàhálà ibẹ̀. Fọ́máàtì fíláàṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT32 tàbí exFAT; PS4 kì í ka NTFS. Bí ó ṣe gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nìyí, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀:

```
PS4/UPDATE/PS4UPDATE.PUP
```

Bí ẹ bá gba fáìlì yìí lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà á fi (1) kún orúkọ rẹ̀, PS4 kò sì ní rí i. Kódà, fáìlì méjì tí orúkọ wọn bára mu ló wà lórí playstation.com. Èyí tó kéré, tó sún mọ́ 500 MB, ni ti nọ́ńbà 3. Èyí tó lé ní 1 GB ni ti nọ́ńbà 7 àti ti dísìkì tuntun. Bí ẹ bá fi èyí tó kéré sí abẹ́ 7, á kàn máa sọ pé òun kò rí fáìlì ni. Ẹ má gba fáìlì yìí níbòmíràn.

Ó ku ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ohun yòówù tí ẹ bá tẹ̀, inú Safe Mode ló ń padà sí, tàbí tí 5 ń dúró sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó ń gbé kóòdù àṣìṣe CE-34335-8 jáde. Ìyẹn ń sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò lè ka dísìkì dáadáa. Ẹ má tẹ 7 lórí dísìkì yẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ fa dísìkì jáde, kí ẹ tún tì í wọlé ṣinṣin, torí pé nígbà mìíràn ojú rẹ̀ ló ṣí díẹ̀. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá dísìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀: 2.5 íńṣì, SATA, tí kò nípọn ju 9.5 mm lọ. Ẹ fi í sí i, kí ẹ fi fáìlì ńlá yẹn ṣe 7 lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tàn dáadáa, dísìkì àtijọ́ ló ń kú, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Bí ó bá ń ṣe bákan náà pẹ̀lú dísìkì méjèèjì, ẹ̀bi náà wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, owó dísìkì kò sì ní tún un ṣe.

Bí iná aláwọ̀ búlúù bá kàn ń mí láìdúró, tí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, tí Safe Mode kò sì fara hàn kódà lẹ́yìn ìró kejì, ẹ pààrọ̀ wáyà HDMI àti ojú tí ẹ fi í sí lára tẹlifíṣọ̀n. Bí kò bá sí àyípadà, ẹni tó ń tú ẹ̀rọ ni kí ẹ gbé e lọ bá.