Tábìlì Máàkì Intafíù Tí Kò Gún: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo tẹ máàkì sínú Excel, ó di ọjọ́ oṣù.

7/10 lẹ tẹ̀. Excel rò pé ọjọ́ lẹ ń kọ. Ẹ pa á rẹ́, ẹ yí ojú ibẹ̀ sí `Number`, kí ẹ wá tẹ 7 nìkan. Tí ẹ bá yí i láìpa á rẹ́, nọ́ńbà tó lé ní 45,000 lẹ máa rí.

Ẹnì kan ló wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló hàn nínú tábìlì.

Ẹnì kan kọ orúkọ bàbá ṣáájú, ẹlòmíì kọ ọ́ gbẹ̀yìn. Ẹ fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kó tó wọlé, kí nọ́ńbà náà sì wà lórí gbogbo ìwé máàkì. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó.

Ẹni méjì wà nípò kejì, mi ò rí ẹnì kẹta.

Kò bàjẹ́. Bí `RANK` ṣe ń kà nìyẹn: 1, 2, 2, 4. Apá tí ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lé lórí ṣáájú intafíù pé òun ló wúwo jù lẹ máa fi yà wọ́n. Tí wọn ò bá fẹnu kò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá yà á fúnra wọn.

Fọ́múlà mi pé, síbẹ̀ alága ní kì í ṣe ẹni tó wà lókè ló yẹ kó wà lókè.

Èyí gan-an ló jẹ́ kí n sùn sí ọ́fíìsì. Ilé-ìwé aládàáni kan ń wá akápò, èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ẹni mẹ́ta ló jókòó: alága, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, àti akáńtáǹtì kan tí wọ́n pè láti ìta. Olùdíje kẹrin gba 74, 72 àti 55. Olùdíje kejì gba 70 àti 68. Àyè akáńtáǹtì ṣófo, torí pé fóònù rẹ̀ dún, ó jáde, ìgbà tó fi máa wọlé, ọmọ ọlọ́mọ ti lọ. Mo lo fọ́múlà tí gbogbo ayé ń lò:

```
=AVERAGE(B2:D2)
```

Olùdíje kejì ní 69, ìkẹrin ní 67. Alága wò mí lójú: “Èmi àti igbákejì, àwa méjèèjì la fún ìkẹrin ní máàkì tó ju ti ìkejì lọ. Báwo ló ṣe wá di ẹ̀yìn?”

Mo rò pé àyè òfo yẹn ló fà á, ni mo bá tẹ 0 sí i. Olùdíje kejì já wá sí 46. Ìyẹn tún burú jù, àfi bí ẹni pé òun ló ní kí fóònù dún.

Nígbà tí mo tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ni mo tó rí i. 55 yẹn ni máàkì tó ga jù tí akáńtáǹtì fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹni tí kò bá a pàdé ti jèrè nìyẹn. Excel fo àyè òfo, ó pín ti ìkejì sí méjì, ó pín ti ìkẹrin sí mẹ́ta, kò sì mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le ló sọnù.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fi òpó kan kún un:

```
=COUNT(B2:D2)
```

Níbi tí iye rẹ̀ bá ti dín sí iye ẹni tó jókòó, ẹ má tíì to ipò. Ohun tí a ṣe ni pé a fi máàkì àwọn tó rí gbogbo olùdíje nìkan tò wọ́n: ìkẹrin 73, ìkejì 69. A fi ti akáńtáǹtì sí òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Akọ̀wé ò gbọdọ̀ dá a ṣe. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ ìpíndọ́gba onímáàkì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú máàkì tó fúnni. Ẹni mẹ́rin péré ni akáńtáǹtì rí. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó dáńtọ́ ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ ti fìyà jẹ wọ́n.

Kí ni kí n kọ síbi tí wọn ò ti fohùn ṣọ̀kan?

Ẹ má kọ “èrò wọn yàtọ̀”. Ẹ wá apá tí wọ́n ti yà gan-an. Lórí olùdíje kẹrin, ohun tí mo kọ rèé: “Ìmọ̀ ìṣirò owó: 15, 14, 5 nínú 20. Ẹni tó fún un ní 5 bi í bí wọ́n ṣe ń fi ìwé owó wé ìwé báǹkì, kò lè ṣàlàyé. Àwọn méjì yòókù ò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa.” Ìgbìmọ̀ ka ìlà yẹn, wọ́n pè é padà fún ìbéèrè kan ṣoṣo náà.

Ọ̀kan nínú wọn rí tábìlì tán, ó ní kí n bá òun yí máàkì.

Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ pe alága. Tó bá fọwọ́ sí i, onímáàkì fúnra rẹ̀ ni yóò fa ìlà sórí ti àtijọ́ lórí ìwé, tí yóò kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.