Báìtì 40 kì í ṣe lẹ́tà 40: ìdáhùn fún àwọn tí ń gé ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni gé igi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní 40 ni òpin àyè tí mo ń kọ àlàyé owó sí. Mo kà á, 24 péré ni ohun tí mo tẹ̀, síbẹ̀ ó ní ó ti pọ̀ jù. Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ò mọ nǹkan kà ni?

Ó mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́tà lò ń kà, báìtì lòun ń kà. Ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ ni `Owó ọkọ̀ Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà`. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ lẹ́tà di báìtì, lẹ́tà lásán bíi w àti k, àti àlàfo pẹ̀lú, ń gba báìtì 1. Ó, é, í àti à ń gba 2. Ẹ, ọ àti ṣ ń gba 3. Ẹ tó bá tún gbé àmì ohùn ń gba 5, nítorí Yunikóòdù kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ̀: nọ́ńbà ẹ wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà àmì náà wà lọ́tọ̀, ojú rẹ ló ń rí wọn bí ọ̀kan. Kà á fúnra rẹ:

```
printf '%s' 'Owó ọkọ̀ Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà' | wc -c
```

41 ni yóò jáde. Má fi `echo` kà á, báìtì kan ni yóò fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Mo ti gé e sí 40 kí n tó kó fáìlì náà wọlé. PostgreSQL wá ní `invalid byte sequence for encoding "UTF8": 0xc3 0x2c`. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?

Ka ohun tó kọ, gbogbo ẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà à tó parí Iléṣà jẹ́ báìtì méjì, C3 àti A0. Báìtì ogójì ni C3, A0 sì ni ìkọkànlélógójì. O gé e láàárín wọn. C3 ti kéde pé báìtì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn òun, ẹni tó wá bá níbẹ̀ ni 0x2c, ìyẹn kọ́mà tó pín fáìlì rẹ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Bí o bá rí nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 0xc2 sókè, tí kọ́mà, àlàfo tàbí òpin ìlà sì tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gé lẹ́tà sí méjì, tàbí kí fáìlì náà má jẹ́ UTF-8 rárá.

Ní Python, bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbi tí wọ́n gé e, `unexpected end of data` ni wàá rí. Bí wọ́n bá ti lẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, `invalid continuation byte` ni. Ẹni tó rí èkejì kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn wò, ibi tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi `errors="replace"` sí i, kò ní pariwo mọ́.

Òótọ́ ni, kò ní pariwo. Àmì � ni yóò fi dípò àjákù náà, báìtì 3 sì ni àmì yẹn fúnra rẹ̀. O yọ 1, o fi 3 dípò, ọ̀rọ̀ rẹ di báìtì 42. Ó tún ti kọjá òpin tó o torí ẹ̀ gé e.

Ìbéèrè: PHP ni mo ń lò. Mo ti pa `substr` tì, `mb_substr` ni mo ń lò báyìí, ó ṣì ń kọjá 40.

`mb_substr` ń ka lẹ́tà. `mb_strcut` ló ń ka báìtì tí kì í sì í gé lẹ́tà sí méjì. Ẹ dákun, ẹ ka ojúewé rẹ̀ kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Èdè tí mo fi ń kọ kóòdù kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ń wo báìtì tó gbẹ̀yìn, bó bá jẹ́ àjákù mo ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lẹ́tà tó dára mọ́ ọn.

Báìtì tí kò yẹ kó o wò lò ń wò. Báìtì tó máa ń wà láàárín tàbí ní ìparí lẹ́tà kì í jáde kúrò láàárín 0x80 sí 0xBF. Lẹ́tà tó pé pérépéré náà, bíi ẹ (E1 BA B9), irú rẹ̀ ló fi ń parí, nítorí náà báìtì tó gbẹ̀yìn kò lè sọ fún ọ bóyá lẹ́tà pé tàbí kò pé. Èyí àkọ́kọ́ tí o fẹ́ sọnù ni kó o wò. Bí òun bá wà láàárín 0x80 sí 0xBF, àárín lẹ́tà lo wà, sún sẹ́yìn kan kó o tún wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ojú ààlà lo wà, gé e. Lẹ́tà UTF-8 tó gùn jù jẹ́ báìtì 4, nítorí náà o kò ní sún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe UTF-8.

Ìbéèrè: Gbogbo rẹ̀ ti ń wọlé, kò sí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ àwọn èèyàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ń yí padà. Àmì orí rẹ̀ ń sọnù.

Èyí ni mo bá jìjàkadì jù, òun náà ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Iléṣà tó ní ọkọ̀ tí ń ná Ifẹ̀. Akọ̀wé wọn ń tẹ owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ sínú fáìlì, sọ́fítíwia ìṣirò owó wọn, tó ti gbó díẹ̀, sì fún àlàyé owó kọ̀ọ̀kan ní báìtì 40. A ti fi ìsúnsẹ́yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé sí i, ariwo ti dákẹ́. Nígbà tí oṣù parí ni akápò wọn gbé ìwé àkópọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀. Màmá náà kì í ṣeré owó. Owó ọkọ̀ tó ń lọ láti Iléṣà sí Ifẹ̀ yẹ kó wà lórí ìlà kan, ó wà lórí ìlà méjì, kò sì sí èyí tó bá orúkọ ọ̀nà tó wà nínú ìwé wọn mu nínú méjèèjì. Ọ̀kan parí sí `Ilé-I`, ìkejì sí `Ilé-Ifẹ`. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, Ifẹ wo ni èyí?”

Mo kọ́kọ́ yẹ `Ilé-Ifẹ` wò. Ìrìn àlọ, `Owó ọkọ̀ Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀`, jẹ́ báìtì 41 bíi ti àbọ̀. Àmọ́ lẹ́tà à ló gbẹ̀yìn àbọ̀. Bí a bá gé e sí 40, à á sọ gbogbo à nù, `Iléṣ` á kù, gbogbo ayé á sì rí i pé wọ́n gé e. Ohun tó gbẹ̀yìn àlọ ni àmì ohùn orí ẹ̀, báìtì CC àti 80. Ìsúnsẹ́yìn bá CC nínú, ó sún kúrò lórí rẹ̀, ó dúró sí 39 lẹ́yìn ẹ. Ní ti UTF-8, iṣẹ́ ti parí, nítorí ẹ láìsí àmì jẹ́ lẹ́tà tó pé. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí yóò pariwo. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà dà bí èyí tó pé, ẹni tó ń kà á kò ní fura.

`Ilé-I` ló mú mi pẹ́. Láti ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, lójú mi wọn kò yàtọ̀, kí ló dé tí ọ̀kan fi kúrú? Mo da fáìlì tí wọn kò tíì gé sínú `xxd`. Bí mo ṣe ń wo nọ́ńbà ni mo rí i pé é inú ọ̀kan jẹ́ C3 A9, tí ti ìkejì jẹ́ 65 CC 81: e lásán, lẹ́yìn náà àmì. Akọ̀wé méjì ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ wọn kò sì rí bákan náà. Kíbọọ̀dù ọ̀kan ń fi lẹ́tà àti àmì ránṣẹ́ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èyí ni wọ́n ń pè ní NFC. Ti ìkejì ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, NFD nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́ 41 níbì kan, 46 níbòmíràn. Nínú NFD, àmì abẹ́ ọ, ẹ àti ṣ náà ti dá dúró, nítorí náà bí ọ̀bẹ bá bọ́ síbẹ̀, ọ á di o, ṣ á di s.

Nǹkan méjì ni mo ṣe. Mo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC kí n tó wọn ohunkóhun. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kí àmì àti lẹ́tà rẹ̀ jọ máa rìn. Àmì ohùn dà bí ọmọ tí lẹ́tà pọ̀n: bí kò bá sí àyè fún ọmọ nínú ọkọ̀, ìyá náà á sọ̀ kalẹ̀.

```python
import unicodedata as u

def ge(s, n):
    s = u.normalize("NFC", s)
    b = s.encode("utf-8")
    if len(b) <= n:
        return s
    k = len(b[:n].decode("utf-8", "ignore"))
    while k > 0 and u.combining(s[k]):
        k -= 1
    return s[:k]
```

`ignore` inú rẹ̀ kò léwu níhìn-ín, torí pé láti inú ọ̀rọ̀ tó pé la ti ṣe báìtì náà, àjákù ìparí nìkan ló lè rí sọnù. Ẹ má gbé e lọ sórí fáìlì tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá. `s[k]` ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí kò ráyè wọlé. Bó bá jẹ́ àmì, a sún sẹ́yìn títí a ó fi kan lẹ́tà tó pọ̀n ọ́n, tí òun náà á sì dúró síta. Pẹ̀lú èyí, tẹni tó tẹ NFC àti tẹni tó tẹ NFD di `Owó ọkọ̀ Iléṣà sí Ilé-If`, báìtì 36. Kò dùn ún wò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju `Ilé-Ifẹ` lọ, torí ó hàn gbangba pé wọ́n gé e. Mo sì sọ fún Màmá akápò pé nọ́ńbà ọ̀nà ni kí wọ́n máa fi ṣe àkópọ̀ owó, kì í ṣe àlàyé tí wọ́n gé. Ìyẹn ni wọ́n ń ṣe báyìí.

Ìbéèrè: Àwọn oníbàárà mi ń fi àwòrán ojú àti ti ìdílé sínú ọ̀rọ̀. Ṣé kóòdù yẹn á gbà á?

Kò ní gba ti ìdílé. Àwòrán ìdílé jẹ́ àwòrán mélòó kan tí wọ́n fi U+200D so pọ̀, `combining` kò sì ka ìyẹn sí àmì. Ní PHP, `grapheme_extract($s, 40, GRAPHEME_EXTR_MAXBYTES)` á ṣe é. Ní Python, ẹ gba `regex` sórí ẹ̀rọ kí ẹ fi `\X` pín ọ̀rọ̀ náà sí ìdì, ìyẹn ohun tí ojú ń rí bí ẹyọ kan, kí ẹ wá máa ka báìtì ìdì kọ̀ọ̀kan. Bí òpin yín bá kéré ju ìdì àkọ́kọ́ lọ, kò sí nǹkan tí ẹ máa rí gbà. Ẹni tó ń fi lúùpù gé ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́ kó rántí ìyẹn, kí lúùpù rẹ̀ má baà yí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìbéèrè: Àwọn èyí tí mo ti gé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa tún wọn ṣe?

O kò ní tún wọn ṣe. C3 tó dá dúró lè jẹ́ à, ó lè jẹ́ á, é tàbí ì. Irú báìtì 64 ló lè tẹ̀ lé e. Àmì ohùn tó ti sọnù kò tilẹ̀ fi C3 kankan sílẹ̀ tí èèyàn á fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Dá ìkówọlé dúró lónìí, má kọ nǹkan kan lé orí fáìlì tí wọn kò tíì gé, kó o wá ẹni tó mọ datábéèsì náà dáadáa kó bá ọ fi fáìlì yẹn rọ́pò, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Bí kò bá sí fáìlì, ìwé rìsíìtì ni ẹ ó kó sílẹ̀ tí ẹ ó tún tẹ̀.